Hóró Promẹtasíìnì àti Ọkọ̀ Ojú Omi Màrínà

Hóró oògùn kékeré ni promẹtasíìnì. Àfómáìnì ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ará Èkó mọ̀ ọ́n sí, mílígíráàmù 25 ló sì sábà máa ń wà nínú hóró kan. Àwọn àgbà kò gbàgbé rẹ̀ láti ayé kolorokúìnì, nítorí òun ni wọ́n ń lò mọ́ ọn kí ara má baà yún wọn. Àwọn tí òòyì ọkọ̀ ojú omi ń kọ́ náà máa ń rà á ní kẹ́mísì.

Ìròyìn méjì tí kò bára mu ló ń fa èébì lórí omi. Bí ìgbì ọ̀sà ṣe ń mi ọkọ̀, inú etí ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń mì. Ojú tí a tẹ̀ mọ́ fóònù ń sọ pé ohun gbogbo dúró jẹ́ẹ́. Inú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Promẹtasíìnì ń dí ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé ibi tí ọpọlọ ti ń pàṣẹ èébì. Ṣùgbọ́n hísítámìnì, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí ó ń dí lọ́wọ́, wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ sùn. Ìdí nìyí tí èébì fi ń lọ tí oorun sì ń dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo akọ̀wé kan tí ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú wá sí Màrínà. Ó gbé hóró kan mì láago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, nítorí wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú ìrìnàjò ló yẹ kí a lò ó. Ó gúnlẹ̀ láìbì. Ní ọ́fíìsì, ó ka ìlà iye owó kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì mọ ohun tí ó kà. Kọfí lè la ojú rẹ̀ díẹ̀, kò lè lé oògùn kúrò lára. Bí a bá ní wákàtí méjìlá ni ìdajì rẹ̀ ń gbà kí ó tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ (ti ẹlòmíràn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ), ìdajì ṣì wà lára akọ̀wé wa nígbà tí ó ń darí sílé nírọ̀lẹ́, ìdámẹ́rin sì ṣẹ́ kù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ó bá tún lo òmíràn, tòní ti bá ìṣẹ́kù tàná nílẹ̀.

Ẹni tí ń lò ó lójoojúmọ́ lè rò pé ara òun ti mọ́ ọn nítorí pé oorun kò kùn ún bíi ti tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ àti ojú rẹ̀ lè ṣì lọ́ra. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ lò ó kí ó tó dé ìdí ọkọ̀. Ọtí, tàmádọ̀ àti omi oògùn ikọ́ tí ó ní kodíìnì ń sọ oorun yìí di ewu, nítorí wọ́n lè jọ dín mímí kù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, nítorí mímí kan náà. Bí ọrùn bá ń lọ́ fúnra rẹ̀, tàbí tí ara kò gbé ojú kan, kí a dá a dúró, kí a lọ rí dókítà. Ẹni tí ń bì láìwọkọ̀ náà, dókítà ni kó lọ bá: oògùn yìí lè bo ibà tàbí oyún mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ń rin ọ̀nà omi lójoojúmọ́ lè kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí kò ní oorun nínú: kí ó jókòó sí àárín ọkọ̀, níbi tí mímì ti kéré, kí ó fi fóònù sápò, kí ó sì tẹjú mọ́ ohun tí kò mì ní òkèèrè, irú ilé gogoro Nẹ́kọ́ọ̀mù tó wà ní Màrínà. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, òòyì náà á máa rọlẹ̀ bí wọ́n bá ti ń wọ ọ̀nà náà déédéé.