Ibi tí «ti ń» ti tàn wá jẹ: àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìfiṣẹ́sílẹ̀ kan láti Igbó Ìdáàṣà

Àkọsílẹ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí kò ju gbólóhùn márùn-ún lọ, èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ́. Mo kọ ọ́ ní Igbó Ìdáàṣà, láàárín àwọn òkè, ìlú tí máàpù ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń pè ní Dassa-Zoumè. (Ẹ̀ka kejì orúkọ yẹn, tí ó jẹ́ ti èdè Fọ̀n, «nínú igbó» ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí náà orúkọ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra.) A ń gba ohùn àwọn àgbà tó ń sọ Ìdáàṣà sílẹ̀ nígbà náà. Inú oṣù Kẹjọ ni, ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn Kátólíìkì ń rọ́ wá sí ihò àpáta Àrígbò. Ìsìnkú pè mí sílé ní òjijì. Orí ìdúró ní gáréèjì ni mo ti tẹ àkọsílẹ̀ náà sínú fóònù, mo fi í ṣe ìdáhùn tí Gmail yóò máa fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, mo sì wọkọ̀. Ohun tí mo kọ nìyí:

(1) Mi ò ní sí lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.
(2) Mo ti ń kó àwọn ìgbàsílẹ̀ sínú dísìkì.
(3) A ó dá ẹ̀rọ padà fún àwọn tó ni ín ní ọjọ́ Ẹtì.
(4) Ìwé ìyọ̀ǹda àwọn àgbà kù díẹ̀.
(5) Akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wà nílé lè bá yín bójú tó gbogbo rẹ̀.

Gbólóhùn kejì ni ó ba iṣẹ́ jẹ́, òun ni n óò sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Girama tí a fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé pe «ti» ní atọ́ka ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ aṣetán ìparí, ó sì pe «ti ń» ní aṣetán ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ kejì yìí kò burú bí a bá fara balẹ̀ kà á: ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó ti parí, iṣẹ́ gan-an ṣì ń lọ. «Mo ti ń kó wọn» kò sọ pé mo kó wọn dé ibì kankan. Fáìlì 11 ni ó wà lórí káàdì. Nígbà tí mo kọ gbólóhùn yẹn, 9 ti wọ dísìkì, 2 kò tíì wọ̀ ọ́. Kò sí irọ́ kankan nínú gbólóhùn mi. Ìbá ṣe òótọ́ bákan náà bí ó bá jẹ́ pé fáìlì kan péré ni mo tíì kó.

Ojú òǹkàwé kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró lórí «ń». Ó rí «ti», ó rí «dísìkì», ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tó gbọ́ «mo ti ń kó wọn» á béèrè lójú ẹsẹ̀ pé «ó kù mélòó?», nǹkan á sì yé ara wa. Ẹni tí ó ti wọkọ̀ lọ kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ lo «ti ń» rárá fún iṣẹ́ tó ṣeé kà. «Tán» wà fún èyí tó parí, «kò tíì» wà fún èyí tó kù, iye sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé méjèèjì. «Kù díẹ̀» inú gbólóhùn kẹrin náà kò sàn: ìwé kan lè kù, mẹ́jọ lè kù. Orí ló kó wa yọ níbẹ̀, torí ìwé kan ṣoṣo ni.

Gbólóhùn karùn-ún ní àìsàn tirẹ̀. «Lè» ń gbé agbára, àyè àti ìyọ̀ǹda pọ̀ sójú kan. Kò sọ pé ẹni náà ti gbà. Austin àti Searle ti fi hàn wá pé ẹni tó ń ṣèlérí ni ìlérí ń dè, ẹlòmíràn kò lè bá a ṣe é. Bí ẹni tó ń rìnrìn-àjò bá sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé «bá mi wo àwọn ewúrẹ́ yẹn», ó máa ń dúró gbọ́ «ó dáa» kí ó tó lọ. Èmi kò dúró gbọ́ nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí mo dárúkọ iṣẹ́ fún yìí, inú ìdáhùn ẹ̀rọ ni ó ti kọ́kọ́ rí i pé òun ni alábòójútó. Ó kọ̀wé sí mi ní ọjọ́ Ajé lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, àkọsílẹ̀ náà ni ó sì bá pàdé. «A» inú gbólóhùn kẹta kò sọ ẹni tí yóò dá ẹ̀rọ padà, torí náà ó gbà pé òun ni.

Ní ọjọ́rú ó tún kọ̀wé: «Ẹ kú ìrìn o, sà. Ṣé kí n pa ohun tó wà lórí káàdì rẹ́ kí n tó dá ẹ̀rọ padà?» Ìbéèrè ọmọ tó gbọ́n ni. A ti ṣèlérí fún àwọn àgbà pé ohùn wọn kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀rọ yẹn sì jẹ́ èyí tí a yá. Kò rí èsì kankan. Ẹni tí Gmail bá ti fi ìdáhùn ìsinmi ránṣẹ́ sí, kò ní rí òmíràn gbà títí ọjọ́ mẹ́rin yóò fi kọjá, àyàfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò mọ èyí. Ó rò pé mo ti ka ìbéèrè náà, pé n kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ó pa káàdì rẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì dá ẹ̀rọ padà.

Bí a bá pa káàdì rẹ́, fáìlì kì í sábà kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àkójọ orúkọ wọn ni ó ń lọ, a sì lè rí wọn gbà padà bí a kò bá tíì kọ nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Àwọn tó ni ẹ̀rọ ti fi káàdì náà gba ohùn mìíràn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nínú fáìlì méjì tó lọ, ọ̀kan jẹ́ àkójọ ọ̀rọ̀ tí a lè tún gbà. Èkejì ni ìṣẹ́jú 47 tí àgbẹ̀ arúgbó kan fi dárúkọ àwọn òkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń sọ ohun tí ó fa orúkọ wọn.

Ẹnì kan tó ka àkọsílẹ̀ yìí ní ẹ̀ka wa sọ pé àìsí ẹ̀dà kejì ni àṣìṣe, pé girama kò mọ́ ọn. Ó jàre dé ìwọ̀n kan. Bí mo bá ti fi `sha256sum` fi ẹ̀dà wé ojúlówó kí n tó lọ, n óò ti mọ̀ pé 2 kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé 2 kù. Gbólóhùn mi ni kò jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀.

Nǹkan kan tún kù tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yẹn ni ó rí àkọsílẹ̀ kan náà, títí kan ẹni tó ń ta bátìrì fún wa, tí kò ní ohun tí yóò fi ìwé ìyọ̀ǹda àwọn àgbà ṣe. Outlook máa ń jẹ́ kí a kọ ọ̀tọ̀ fún ará ilé-iṣẹ́, kí a kọ ọ̀tọ̀ fún ará ìta. Ní báyìí, ọjọ́ tí n óò padà àti orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń fi sínú ìdáhùn ẹ̀rọ. Èyí tó kù ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí yóò ṣe é. Bí ó ti yẹ kí n kọ ọ́ nígbà náà nìyí:

«Fáìlì 11 ló wà lórí káàdì. 9 ti wọ dísìkì tán. Nọ́ḿbà 10 àti 11 kò tíì wọ̀ ọ́. Jọ̀wọ́ bá mi kó méjèèjì kí o tó pa káàdì rẹ́, kí o sì dá ẹ̀rọ padà ní ọjọ́ Ẹtì. Bí o kò bá rí èsì mi sí ìbéèrè kan, má ṣe kà á sí pé mo ti gbà. Fi èsì sọ fún mi bóyá o lè ṣe é, kí n tó wọkọ̀.»

A padà lọ bá bàbá àgbẹ̀ náà nínú ọyẹ́. Ó gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì tún dárúkọ àwọn òkè fún wa, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú 20 péré. Nígbà tí a bi í léèrè nípa àwọn tí kò dárúkọ, ó ní òun ti sọ wọn fún wa lẹ́ẹ̀kan.