Títú Lẹ́tà Ìbánikẹ́dùn sí Yorùbá

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan kọ lẹ́tà ní Gẹ̀ẹ́sì sí òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kú ní ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé. Ìlà méjì péré ni: ó dùn wá pé ìyá rẹ kú, ọkàn wa wà lọ́dọ̀ rẹ. Bí ògbufọ̀ bá tú u báyẹn gan-an, etí ẹbí á gbọ́ ọ bí ìwé ìkéde.

Ohun tí mo fẹ́ràn ni bí ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe kọ ọ́: “A gbọ́ pé màmá jáde láyé. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè wọn, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yìn wọn á sì dára.” “Ìyá rẹ” ti di màmá, “kú” ti di jáde láyé. Kò lo wàjà, nítorí ti ọba nìyẹn. Àdúrà tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ ló gbé ìtùnú náà.

Ká ní ọmọ ọwọ́ ló kú ni, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Ti àgbà tó fi ọmọ sáyé lọ ni. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ìyá ọmọ ni pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àmọ́ bí ìyá náà bá ti kọjá ọmọ bíbí, ọ̀rọ̀ yìí á gún un lọ́kàn. Ògbufọ̀ ní láti kọ́kọ́ béèrè ẹni tó kú àti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.