Ìlà mẹ́ta, oníbàárà kan

Nínú àkọsílẹ̀ aránṣọ, Ṣadé, Shade àti Sade lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kí ẹni tó mọṣẹ́ tó fi irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń pín aṣọ, nọ́ńbà fóònù ló máa ń wò. Nọ́ńbà kan náà lè fi 0 bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, kó fi +234 bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Yóò ṣe ẹ̀dà fáìlì náà sílẹ̀, bí nọ́ńbà bá sì wà ní B2, yóò kọ èyí sínú Excel:

```
="0"&RIGHT(SUBSTITUTE(B2," ",""),10)
```

Fọ́múlà yìí ń yọ àlàfo, ó ń mú díjítì 10 tó gbẹ̀yìn, ó sì ń fi 0 síwájú wọn.

Síbẹ̀, ẹni tó mọṣẹ́ kò ní sáré tẹ Remove Duplicates, ìyẹn ló wuni jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Tọkọtaya lè jọ máa lo fóònù kan! Ó ń fi orúkọ àti àdírẹ́sì wéra, ó sì ń kó ìwọ̀n aṣọ inú ìlà tó fẹ́ pa rẹ́ sínú èyí tó kù.