Ta Ló Pa Iná?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn kan nínú wa ń sọ pé àìsówó ni kò jẹ́ kí fíìmù kékeré wa lè dẹ́rù bani. Èmi ò gbà. C.J. Obasi ṣe Ojuju l'Ékòó níbí láìsí owó gidi lọ́wọ́, ó sì gbé e jáde ní 2014. Àmọ́ fíìmù gígùn nìyẹn. Tá a bá ń sọ ti kékeré, ẹ wo Lights Out. David F. Sandberg, ará Sweden, ló ṣe é ní 2013 nínú ilé tí òun àti Lotta Losten ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ìyàwó yìí náà ló ṣeré níbẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú 3.

Obìnrin kan fẹ́ lọ sùn, ó pa iná ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjìji èèyàn dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ó tan iná, kò sẹ́nì kankan. Ó tún pa á, òjìji tún dé. Ibì kan náà ni kámẹ́rà ń wò ṣáá, débi pé àwa fúnra wa ti ranjú mọ́ igun yẹn kó tó fọwọ́ kan súwíìṣì. Ìró "kẹ́" lásán wá ń bà wá lẹ́rù ju òjìji lọ. Nígbà tó dórí bẹ́ẹ̀dì, ìró ẹsẹ̀ là ń gbọ́, ojú obìnrin náà là ń wò. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ìparí, níbi tí wọ́n ti fi ojú iwin náà hàn wá. Bí mo ṣe rí i báyìí, ẹ̀rù tán, ó ku ìjáyà.

Àmọ́ ẹ gbé e wá sí Ìkòsì ná. Mo fi fóònù dán an wò nínú yàrá mi, mo sì fi han àwọn ará ilé. Iná kú, ni màmá onílé wa bá ní, "Nẹ́pà ti gbé e nìyẹn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọn ò jẹ̀bi. Lọ́dọ̀ wa, ta ló ń bi òkùnkùn pé níbo ló ti wá?

Abẹ́ ilẹ̀kùn ló gbà mí. Mo gbé fóònù lé bíríkì nílẹ̀, kí ìlà iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn lè wà nínú àwòrán. Iná yàrá kú, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tàn. Ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti Nẹ́pà nìyẹn. Ìgbà tó yá, òjìji ẹsẹ̀ méjì gé ìlà náà. Kò kan ilẹ̀kùn, kò sì lọ.

Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. Bí iná ti ń kú ló ń fúnra rẹ̀ tan òkùnkùn náà, gbogbo rẹ̀ wá rí bí eérú. Mo ní láti tẹ ojú rẹ̀ pẹ́ títí AE/AF LOCK fi hàn kí n tó pa iná. Jẹnẹrétọ̀ náà tún ńkọ́? Gbogbo ibi tí mo ti gé àwòrán ni ohùn rẹ̀ ń yí padà, etí á sì mọ̀. Mo bá dìde ní aago mẹ́ta òru tí wọ́n ti pa gbogbo wọn, mo gba ìró sílípáàsì lórí sìmẹ́ńtì sílẹ̀, mo tún gba ìṣẹ́jú kan tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìró jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi sí ìbẹ̀rẹ̀, láìgé e rárá. Mo wá jẹ́ kó dákẹ́ wẹ́lo kí ẹsẹ̀ yẹn tó dé.

Mo tún fi han màmá onílé. Jẹnẹrétọ̀ dákẹ́, wọ́n ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?" Mi ò dá wọn lóhùn.