Lẹ́tà Owó Tó Le, Tí Kò Bú Èèyàn

Ilé ìtẹ̀wé tó wà ní Òkukù kì í sábà rí ẹni tó gbéṣẹ́ fún un lójú mọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Ọmọ olókùú wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi fọ́tò ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ó san owó díẹ̀ sílẹ̀, a tẹ ìwé ètò ìsìnkú, wọ́n ṣe òkú, ó gbéra. Ìyókù owó ló kù láàárín wa, ímeèlì la sì fi ń béèrè rẹ̀. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ọ́físì wa nìyẹn: kí n jókòó ti lẹ́tà owó kó tó kúrò lọ́wọ́ wa, kí n gbọ́ ohùn tó ń fi sọ̀rọ̀, kí n tún un ṣe títí yóò fi le tí kò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó ń mú lẹ́tà le ni ohun tí èèyàn lè yẹ̀ wò: iye owó, ọjọ́, àdéhùn, ìgbésẹ̀ tó kàn. Ohun tó ń sọ ọ́ di èébú ni ohun tí a bá sọ nípa ẹni tó jẹ wá. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ìpele méjì ohun kan náà. Ẹni tó bá rò pé kí lẹ́tà tó lè le, àfi kó gbó díẹ̀, ti ṣi ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní a tẹ ìwé ètò ìsìnkú 300, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦1,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦450,000. Ẹni tó gbéṣẹ́ fún wa san ₦300,000 sílẹ̀, ó ku ₦150,000, àdéhùn sì ni pé yóò wọlé kó tó di ìparí oṣù Kìíní. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejì ti parí, owó kò dé. Ẹni tí inú ń bí yóò kọ irú èyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán sà. A tún ń kọ̀wé sí yín lórí owó wa tí ẹ kọ̀ tí ẹ ò san. Ó yà wá lẹ́nu pé èèyàn ńlá bíi tiyín lè máa ṣe báyìí. Gbogbo ayé ló rí bí ẹ ṣe náwó lọ́jọ́ òkú yẹn. Ẹ san owó yìí kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ojú yín bá rí, ẹ fara mọ́ ọn."

Kò sí ọ̀rọ̀ rírùn kankan níbẹ̀, ó tilẹ̀ ń pe ẹni náà ní ẹ̀gbọ́n, ó ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ ọ́ kì í fi í mọ̀ pé òun ti bú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ mú un ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. "Ẹ kọ̀" sọ èrò ọkàn ẹlòmíràn, ẹni tó sì kọ lẹ́tà kò ríran wo ọkàn. Ohun tó mọ̀ kò ju pé owó kò hàn nínú akáńtì lọ. "Ó yà wá lẹ́nu" ń ròyìn inú ẹni tó kọ̀wé, èyí tí kò sí nínú ínfọ́ìsì. "Èèyàn ńlá bíi tiyín" ni ọ̀bẹ tí a fi aṣọ bò. Ti ọjọ́ òkú lè jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé, ṣùgbọ́n iye tí èèyàn fi pa màlúù kò kan iye tó jẹ ilé ìtẹ̀wé, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀ kò sì ní gbàgbé ẹni tó fi ìsìnkú náà bá a wí. Àwọn méjì tó kẹ́yìn ló yẹ ká wò dáadáa jù, torí pé wọ́n jọ ohun tó le. "Kíákíá" kò ní ọjọ́ nínú. Onígbèsè ni yóò yan ìgbà tí kíákíá bọ́ sí. "Ohun tí ojú yín bá rí" kò sọ ohun tí a ó ṣe, bóyá torí pé kò sí ohun tí a ti pinnu láti ṣe. Bí a bá yọ gbogbo ìbínú inú lẹ́tà yìí kúrò, kò ní ku iye owó kan tàbí ọjọ́ kan. Ó gbó, kò sì le.

Èyí tí mo máa ń jẹ́ kó lọ rí báyìí. Orí ímeèlì náà ni "Owó tó kù lórí ìwé ètò ìsìnkú: ₦150,000", kí ẹni tó rí i lórí fóònù mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i. Inú rẹ̀ wá kà pé:

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. A ń kọ̀wé lórí ìwé ètò ìsìnkú 300 tí a kó fún yín ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦450,000. ₦300,000 ti wọlé, ó ku ₦150,000. Àdéhùn wa ni pé ìyókù yóò wọlé kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní, ṣùgbọ́n títí di àná, kò tíì hàn nínú akáńtì wa. Ẹ jọ̀wọ́, a fẹ́ kó wọlé ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì. Ínfọ́ìsì àti nọ́ńbà akáńtì wà nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ti san án, ẹ bá wa fi risíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ ká lè tọpa rẹ̀ ní báńkì. Bí ọjọ́ 14 kò bá rọrùn, ẹ kọ ọjọ́ tó rọrùn ránṣẹ́ sí wa kó tó di ọjọ́ náà."

Ìkíni náà kò ju gbólóhùn méjì lọ, mo sì máa ń jà fún un. Àwọn kan tí wọ́n kọ́ lẹ́tà ọ́físì ní ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì ní ká yọ ọ́, pé owó la wá sọ. Ṣùgbọ́n láàárín Ìkirun, Ìnísà àti Òkukù, ẹni tó bá béèrè owó láì kí èèyàn ti rí èèyàn fín kó tó dárúkọ owó, ìyẹn ni onítọ̀hún yóò sì máa rántí dípò ₦150,000. Àṣejù rẹ̀ náà burú: bí àdúrà bá gba gbólóhùn márùn-ún, owó yóò sá sábẹ́ rẹ̀, yóò wá jọ pé ojú ń ti wa láti béèrè ohun tó jẹ́ tiwa. Bákan náà ni "ẹ jọ̀wọ́". Ẹyọ kan jẹ́ ọ̀wọ̀. Ìkejì di ẹ̀bẹ̀, ìkẹta a máa dún bí ẹni tí sùúrù rẹ̀ ti tán. "Owó kékeré tó kù yẹn" àti "ẹ má bínú pé à ń yọ yín lẹ́nu" ni mo máa ń pa rẹ́ láì ronú, torí pé wọ́n ń sọ fún onígbèsè pé àwa fúnra wa kò ka owó náà sí.

Ẹnìkan lè ní "kò tíì hàn nínú akáńtì" ń sá fún òótọ́, pé ká sọ ọ́ gbangba pé "ẹ ò tíì san." Èmi ò gbà. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti òkè òkun lè há sí báńkì, tàbí kí nọ́ńbà kan ṣì nínú akáńtì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, "ẹ ò tíì san" di irọ́, àwa la ó sì tọrọ àforíjì. Lẹ́tà tó bá dúró sórí ohun tí a mọ̀ kò ní ibi tí wọ́n ti lè mú un. Ìgbà tí onítọ̀hún bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun yóò san ní ọjọ́ 14, tí ọjọ́ náà sì kọjá, lẹ́tà kejì lè dárúkọ rẹ̀: "Ẹ kọ̀wé sí wa ní ọjọ́ 9 pé owó yóò wọlé ní ọjọ́ 14. Òní ni ọjọ́ 17." Kò sí ọ̀rọ̀ ìbínú kan níbẹ̀, síbẹ̀ ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ la fi mú un.

Àtakò tó wúwo jù ni ti àwọn tó ní ọmọ Yorùbá kì í san gbèsè àfi tí a bá dójú tì í, tí wọ́n sì ń fi àwọn baba wa ṣe ẹ̀rí. Òótọ́ ni pé ológò wà láyé ọjọ́un. Samuel Johnson ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: ológò a wọ ilé onígbèsè, a jókòó tì í, a máa bú u, a sì máa mú adìyẹ àti ẹran inú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe tẹ̀ léra. Ẹjọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá, ìgbà tí onígbèsè kò san lẹ́yìn ìdájọ́ ni ẹni tó yá a lówó tó lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú, àwọn ni wọ́n sì fún ológò láṣẹ. Ẹni tó lowó kò bú ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀, èébú kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Ẹni tó bá fi ìwọ̀sí sínú lẹ́tà àkọ́kọ́ ti fo gbogbo ohun tí àwọn baba wa ṣe ṣáájú. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn náà le, wọn kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà láìgbowó, ṣùgbọ́n ojúkorojú ni wọ́n ń ṣe é. Bí owó bá ti jáde, ẹ̀rín lè tẹ̀ lé e, wọ́n sì lè tún tú aṣọ mìíràn. Ímeèlì kò ní ojú tí ẹ̀rín lè hàn níbẹ̀. Bó ṣe gbó lọ́jọ́ tí a kọ ọ́ ni yóò ṣe gbó lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n sì lè fi han gbogbo ẹbí.

Òfin òde òní kò tilẹ̀ gba irú ìdójútì bẹ́ẹ̀. Ní 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn ₦10,000,000 lé ilé-iṣẹ́ kan tó ń yá èèyàn lówó lórí fóònù, torí pé ó ń fi gbèsè oníbàárà ránṣẹ́ sí àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Bí a bá sì kọ ọ́ pé "a ó fọlọ́pàá mú yín", òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé ó kàn yẹ àdéhùn. Onígbèsè tó bá mọ èyí yóò fi lẹ́tà wa rẹ́rìn-ín. Ìgbésẹ̀ tó wà ní ti gidi ni kóòtù, kí a sì dárúkọ rẹ̀ kìkì ìgbà tí a bá ti múra àtilọ. Ní Èkó, kóòtù ẹ̀sùn kékeré tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ń fẹ́ kí a ti kọ lẹ́tà ìbéèrè owó sí onígbèsè kí a tó pè é lẹ́jọ́. Adájọ́ lè ka ímeèlì tí a fi ìbínú kọ.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò kò le. Mo máa ń ka lẹ́tà náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, lákọ̀ọ́kọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀kejì bí ẹni tí inú ń bí, torí pé ohùn kejì yìí ni ẹni tó mọ̀ pé òun jẹ gbèsè fi máa kà á. "₦300,000 ti wọlé, ó ku ₦150,000" kò yí padà bó ti wù kí n ṣe é. "Bí ẹ ṣe mọ̀ dáadáa" a yí padà lójú ẹsẹ̀, mo sì máa ń yọ ọ́ kúrò nínú lẹ́tà. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ irú èèyàn tí onítọ̀hún jẹ́, kí n wò ó bóyá lẹ́tà náà ṣì lè dúró bí n bá yọ wọ́n. Lẹ́tà ńlá tí a fi kọ odidi gbólóhùn àti àmì ìyanu tó tò tẹ̀ léra wà lára wọn, ariwo ni wọ́n ń pa. Ibi tí mo máa ń wò kẹ́yìn ni orúkọ àwọn tí lẹ́tà ń lọ bá. Bí àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú bá wà níbẹ̀, tí wọn kò sì bá a fọwọ́ sí àdéhùn, a ti rán ológò sí i láì gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo sì máa ń yọ orúkọ wọn kí n tó gbà kí ọwọ́ kan bọ́tìnnì tó máa fi í ránṣẹ́.