Ohun Tí Kò Yẹ Kí A Gé: Àmì Ohùn àti Ìkìlọ̀ Ilẹ̀ Lẹ́bàá Ọ̀nà Akínyẹlé

Lójú ọ̀nà tó gba Ọ̀jọ́ọ̀ kọjá sí Móníyà, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, kí ó tó forí lé Ọ̀yọ́, ẹni tó ń kọ pátákó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná bí owó. Ọkọ̀ tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń rin nǹkan bí mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 20, ojú tó dá lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti nǹkan bí 80 mítà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta àti ààbọ̀ péré ni pátákó náà fi wà níwájú ẹni, awakọ̀ kò sì lè fi gbogbo rẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Ní àgbègbè yìí tí ilẹ̀ oko ti ń di ilẹ̀ ilé, ìkìlọ̀ ẹbí lórí ilẹ̀ ni àpẹẹrẹ tó ṣe kókó jù. Ká ní ẹbí kan fẹ́ kọ báyìí: "Àwa ọmọ ẹbí ń fi àsìkò yìí sọ fún gbogbo ènìyàn pé a kò ta ilẹ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni." Ọkọ̀ á ti kọjá kí ojú tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Gígé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pa nǹkankan lára. Ohun tó kù ni A KÒ TA ILẸ̀ YÌÍ.

Ibi tí ewu wà ni ìgé kejì, nígbà tí wọ́n bá yọ "k" kúrò bí ẹnu ṣe máa ń yọ ọ́: A Ò TA ILẸ̀ YÌÍ. Létí, kò sí àṣìgbọ́ kankan. Lójú ọ̀nà ńkọ́? Àmì tí a fi sórí lẹ́tà yẹn lè má ga ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, kò sì ní hàn kí ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn tó nǹkan bí mítà 16. Ọ̀pọ̀ pátákó ni kò tilẹ̀ ní àmì rárá. A O TA ILE YII, tí kò ní àmì, ṣeé kà sí "a ó ta": ìkìlọ̀ di ìpolówó, àjẹnilẹ́ sì ti rí ohun tó ń wá. Nítorí náà, lẹ́tà kan ṣoṣo tó dà bí àpọ̀jù yẹn ni ó gbé ìtumọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ró, nítorí pé kọ́ńsónáǹtì kì í sọnù lókèèrè bí àmì ohùn ṣe ń sọnù.

"Ilẹ̀" náà ní tirẹ̀, nítorí pé bí àmì ìsàlẹ̀ bá lọ, "ilé" ni ojú lè rí. Lórí ilẹ̀ gbalasa, ibi tí pátákó dúró sí ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé tí wọn kò tíì parí bá wà níbẹ̀, ó dára kí a fi ìlà kúkúrú tó nípọn rọ́pò tótó kékeré tó wà lábẹ́ Ẹ.