Ọ̀wọ̀ Kò Parí Sórí "Ẹ": Lámèyítọ́ Àtúnkọ Àtẹ̀jíṣẹ́ sí Ọ̀gá

Ẹni tó bá fẹ́ tún àtẹ̀jíṣẹ́ kọ kó lè yẹ ọ̀gá sábà máa ń fi "ẹ" rọ́pò "o", á sì gbà pé iṣẹ́ parí. Ẹ jẹ́ ká wo èyí tí akọ̀wé ilé ìkẹ́rùsí kan lè kọ:

"Ọ̀gá, o ò tíì fọwọ́ sí ìwé ẹrù yẹn o. Dírẹ́bà ti dé, ó ní òun máa lọ tó bá di aago méjì. Tètè fèsì, mo ń retí ẹ."

Ìparí rẹ̀ ni ọ̀fìn wà. "Ẹ" inú "mo ń retí ẹ" jọ ti ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ipò àbọ̀ ló wà, ẹgbẹ́ ẹni la sì ń fi irú rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. "Yín" ló yẹ ọ̀gá. Àṣìṣe yìí máa ń bọ́ lójú ẹni, nítorí "ẹ" tí à ń wá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dírẹ́bà ló tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà, "ó ní òun" yóò di "wọ́n ní àwọn". Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá ka "dírẹ́bà ti dé, wọ́n ní àwọn" lè rò pé dírẹ́bà méjì ló dé. "Bàbá dírẹ́bà" ni yóò fi hàn pé ẹnì kan ni. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé, "ó ní òun" náà ló tọ́; "wọ́n" tí a bá fi pe ọmọdé kò bu ọlá kún ti ọ̀gá.

Ibi tó jinlẹ̀ jù ni ẹ̀bi. "Ẹ ò tíì fọwọ́ sí i" ní "ẹ" ọ̀wọ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ ó ń nàka sí ọ̀gá. Yorùbá ní ọ̀nà àbáyọ: "ó kù kí ẹ bá wa". "Ó kù" gbé ọ̀rọ̀ kúrò lọ́rùn ọ̀gá, ó gbé e lé iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù. "Bá wa" sì sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀. Ìdí nìyí tí "ẹ tètè fèsì" nìkan kò fi tó.

Àtúnkọ tèmi rèé, bí dírẹ́bà bá jẹ́ àgbàlagbà:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ó kù kí ẹ bá wa fọwọ́ sí ìwé ẹrù yẹn. Bàbá dírẹ́bà ti dé, wọ́n ní àwọn máa lọ tó bá di aago méjì. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa tètè fèsì. Mo ń retí yín."

Yàtọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, ìkíni nìkan ni mo fi kún un, mo sì yan "ẹ kú iṣẹ́" nítorí kò sí wákàtí iṣẹ́ tí kò bá mu. N kò fọwọ́ kan aago méjì. Àwọn mìíràn á kó "ẹ má bínú" àti "ẹ forí jì mí" jọ títí gbèdéke náà yóò fi sọnù, tàbí kí wọ́n sọ pé dírẹ́bà "ń retí" lásán. Irú àtúnkọ bẹ́ẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí ọ̀gá lè kà á tán kó má mọ̀ pé ẹrù òun lè má lọ lónìí.